Ewé ọsàn tó dúdú bí ìdí ìkòkò

Tó bá di oṣù Kejìlá, tí òjò ti dáwọ́ dúró l'Ékòó tí eruku oyé sì ti ń fẹ́, ọ̀pọ̀ igi ọsàn wẹ́wẹ́ inú ọgbà ilé ni í dúdú. Ká mú igi kan ní Èbúté Mẹ́ta, tó wà láàárín fẹ́ǹsì àti ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí mọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì kún fún àmì tótótó bíi ti omi ṣúgà tó gbẹ. Àwọn ará ilé á ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló fa èéfín náà. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ìjà wà rárá.

Èéfín kì í yan igi. Tó bá jẹ́ òun ni, á hàn lára ewé máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, lára ògiri àti lára okùn aṣọ, kò sì ní máa lẹ̀. Dúdú ti ara ọsàn yìí yàtọ̀. Tí èèyàn bá fi ìka tó tutù ra á, á ṣí kúrò bí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé tútù á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìbátan olú ni, irú èyí tó ń hù lórí búrẹ́dì tó ti bu. Kò jẹ ewé náà, kò sì wọ inú rẹ̀. Ṣúgà tó ta sí ojú ewé ló ń jẹ. Ìpalára tó ń ṣe ni pé ó bo ojú ewé mọ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ.

Ibi tí ṣúgà náà ti wá ló yẹ ká wò. Ẹ yí ewé tó wà lókè àwọn tó dúdú padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, pàápàá ẹ̀gbẹ́ iṣan àárín ewé, kí ẹ tún wo ẹ̀ka tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ ó rí àwọn nǹkan pẹlẹbẹ, tí wọ́n ga díẹ̀ láàárín, aláwọ̀ ewé fífẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ràkọ̀ràkọ̀, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju orí ìṣáná lọ. Wọn kò mira, wọn ò sì jọ kòkòrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ara igi ló lé kókó. Kòkòrò ni wọ́n. Ká pè wọ́n ní kòkòrò oníìpẹ́, torí wọ́n lẹ̀ mọ́ ewé bí ìpẹ́ ṣe lẹ̀ mọ́ ara ẹja.

Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tín-ínrín. Á gún un wọ inú iṣan tí oje aládùn ń gbà kọjá, á sì máa mu ún tọ̀sán tòru. Oje yìí kún fún ṣúgà, àmọ́ èròjà tí kòkòrò fi ń dàgbà ò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tó ń mu odindi ìkòkò omi ọbẹ̀ torí ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ìyẹn omi ṣúgà, ló ń yà dànù láti ìdí. Ewé ìsàlẹ̀ ni í balẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ewé tí kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀ fi lè mọ́ tónítóní, tí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Nígbà òjò, omi á fọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Abẹ́ ìpẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń jáde, ó sì lè tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ìyá kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ yìí ló ń rìn jù. Wọ́n kéré débi pé bí eruku lásán ni wọ́n rí, afẹ́fẹ́ lè gbé wọn, ẹsẹ̀ ẹyẹ náà lè gbé wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rí iṣan tó wù wọ́n, wọ́n á gún ẹnu wọn bọ̀ ọ́, ìrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn.

Èèrà ni ọ̀rẹ́ wọn. Tí ẹ bá rí i tí èèrà ń gun igi ọsàn lọ sókè sódò láìdúró, ẹ má ṣe rò pé ewé ni wọ́n ń jẹ. Omi ṣúgà ni wọ́n ń lọ mu ní ìdí kòkòrò, wọ́n sì ń lé ọ̀tá kòkòrò náà lọ, bí agbọ́n tíńtín tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Lára igi Èbúté Mẹ́ta yìí, ẹ̀ka kan sinmi lórí fẹ́ǹsì, òmíràn kan okùn aṣọ. Afárá tí èèrà ń gbà dé orí igi ni méjèèjì.

Ẹni tó bá wá fi tàwẹ́ẹ̀lì nu ewé dúdú, tó fi kòkòrò àti èèrà sílẹ̀, ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ̀ka tó kan fẹ́ǹsì àti èyí tó kan okùn aṣọ ni a kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi ọ̀rá wé ìdí igi yípo, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, a sì fi gíríìsì kun orí ọ̀rá náà. A kì í fi gíríìsì kan èèpo igi fúnra rẹ̀. Eruku á máa bò ó, torí náà a ní láti máa tún un kùn.

Fún kòkòrò fúnra rẹ̀, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, tí kò ní bílíìṣì, ti tó. Ṣíbí tíì méjì sínú líta omi kan, a sì fi fọ́n abẹ́ ewé títí á fi máa kán. Ẹ̀ka kan la kọ́kọ́ dán an wò, ká dúró ọjọ́ méjì bóyá ewé á jóná. Ìrọ̀lẹ́ la ń fọ́n ọn, kì í ṣe lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ọmọ tó ń rìn ni ọṣẹ ń pa jù, ìpẹ́ ìyá sì ń gba ọmọ tó kù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀tápíápíá kò dára fún un. Yóò pa agbọ́n tíńtín náà tán, kòkòrò oníìpẹ́ tó kù á sì bí sí i láìsí alátakò. Ẹ rántí pé ọsàn ni ẹ máa fún sí ẹja lára igi yẹn.

Ìpẹ́ kò ní já bọ́ lójijì lẹ́yìn tí kòkòrò bá kú. Èèkánná la fi ń mọ̀ ọ́n. Tí a bá fi tẹ̀ ẹ́, tí omi bá jáde, ó wà láàyè. Tó bá gbẹ, tó fọ́ bí èèpo, ó ti kú. Tí ihò kékeré roboto bá wà lẹ́yìn rẹ̀, agbọ́n ló ti jẹ ẹ́ jáde, ká sì fi ẹ̀ka tí irú èyí bá pọ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ́n nǹkan sí i. Ní alẹ́, a tún lè tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ igi. Tí àmì tótótó tó ń lẹ̀ bá wà lára rẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n ṣì ń mu oje. Dúdú ara ewé àtijọ́ lè pẹ́ kó tó lọ, ewé tuntun la fi ń wọn iṣẹ́.