Bí Madirásà Àtijọ́ Ṣe ń Kọ́ Ọmọ Kéwú: Ìwé Àkọ́sórí, Gbígba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Olùkọ́ àti Ìjásà

Madirásà àtijọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn Mùsùlùmí níbi tí a ti ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní pàtàkì, tí ìmọ̀ hádíìsì, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammadu, gírámà èdè Lárúbáwá àti ìmọ̀ ìgbàgbọ́ sì ń tẹ̀lé e. Irú ilé ẹ̀kọ́ yìí gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Nìsáámù al-Múlíkì, wàsíírì àwọn ọba Sẹ́líjúkù, ṣí Nìsáámíyà ní ìlú Bágídádì ní ọdún 1067. Ọ̀nà mẹ́ta tó so mọ́ra wọn ni a fi ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀: ó ní láti há àwọn ìwé kan sórí, ó ní láti gba ìwé náà lẹ́nu ẹni tó ti gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn, olùkọ́ rẹ̀ sì ní láti fún un ní àṣẹ tí à ń pè ní ìjásà. Damásíkù ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni ìlú tí a ti lè rí bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kedere jù, nítorí pé a ní ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ìmáàmù an-Náwáwì, láti ọwọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Íbínù al-Átárì.

Ibùgbé àti oúnjẹ

Ẹni tó bá dá madirásà sílẹ̀ a máa ya ilé, oko tàbí ilé ìtajà sọ́tọ̀ títí láé, kí owó tó ń wọlé láti ibẹ̀ lè máa gbọ́ bùkátà olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìyàsọ́tọ̀ yìí ló ń sọ iye àwọn tí ilé náà lè gbà. Ní Mustansíríyà ti Bágídádì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1234, akẹ́kọ̀ọ́ 62 ni wọ́n yàn fún ìlànà òfin kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn Mùsùlùmí Súnì ń tẹ̀lé, èyí tó jẹ́ 248 lápapọ̀, olùkọ́ àgbà kan àti olùtúnkọ́ mẹ́rin sì wà fún ìlànà kọ̀ọ̀kan.

Bùkátà yìí gan-an ló gbé an-Náwáwì dé ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìlú Náwà, ní gúúsù Damásíkù, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1233, bàbá rẹ̀ sì mú un wá sí Damásíkù ní ọdún 1251, nígbà tó tó ọmọ ọdún 18. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ bá kẹ́kọ̀ọ́ kò ní yàrá tí yóò fi í sí, nítorí náà ó darí rẹ̀ sí Kámálùdíìnì Ísíhákà al-Mágíríbì ní madirásà Rawáhíyà. Yàrá kékeré ló rí gbà níbẹ̀, oúnjẹ tí ilé ẹ̀kọ́ ń pín ló sì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri. Madirásà ni ibi tó bá bá olùkọ́ náà.

Ìwé àkọ́sórí

Ìwé tí a ń kọ́ sórí máa ń kúrú, a sì dìídì kọ ọ́ kó lè kúrú. Nínú ìlànà Ìmáàmù aṣ-Ṣáfíì, èyí tó gbajúmọ̀ jù ní ìgbà náà ni at-Tánbíhù, tí Ábù Ísíhákà aṣ-Ṣirásì kọ. Òun kan náà ni ó di ipò olùkọ́ àgbà mú ní Nìsáámíyà, ó sì kú ní ọdún 1083. Ìwé yìí kò sọ ìdí tí òfin kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Òfin lásán ló tò, láti orí ìmọ́tótó àti ìrun dé orí káràkátà, ìgbéyàwó àti ẹjọ́. Ẹni tó bá há a sórí ti mọ àyè tí ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wà, ìgbà tí olùkọ́ bá wá ń ṣàlàyé àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀, ó ti ní ibi tí yóò gbé àlàyé náà lé.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ ni an-Náwáwì fi há at-Tánbíhù sórí, kí ọdún náà tó parí, ó sì ti há ìdá mẹ́rin al-Muhádábù mọ́ ọn, èyí tí í ṣe ìwé mìíràn láti ọwọ́ aṣ-Ṣirásì kan náà, tó gùn, tó sì ń mẹ́nu ba ẹ̀rí. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀kọ́ 12 ló ń gbà lójúmọ́ lọ́dọ̀ oríṣiríṣi olùkọ́. Méjì wà lórí al-Wasítì ti Ìmáàmù al-Gasáálì, ọ̀kan lórí al-Muhádábù, òmíràn lórí àkójọ hádíìsì Ìmáàmù Músílímù, ìyókù sì wà lórí gírámà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, ìpìlẹ̀ òfin, ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ àti orúkọ àwọn tó ń gba hádíìsì wá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun máa ń kọ àlàyé ibi tó le, òun a sì máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ kí kíkà rẹ̀ má baà yí padà. Kíkọ àmì yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà Lárúbáwá ló jọra àfi tí a bá fi tóńtò sí wọn, ẹni tó bá sì dá ka ìwé láìsí olùkọ́ lè sọ orúkọ ẹnìkan di ti ẹlòmíràn.

Olùtúnkọ́ ni ẹni tó wà láàárín olùkọ́ àgbà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tí olùkọ́ bá ti parí ẹ̀kọ́, òun ni yóò jókòó ti àwọn tí kò tètè yé, tí yóò tún un sọ fún wọn títí tí yóò fi wọ̀ wọ́n létí. Kò pẹ́ rárá tí an-Náwáwì dé Rawáhíyà tí Kámálùdíìnì fi fi í ṣe olùtúnkọ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ dán ìmọ̀ àkọ́sórí wò, yóò ṣí ìwé náà sí ibi tó bá wù ú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa bá a lọ láti ibẹ̀ láìwo ìwé. Olùkọ́ a tún ṣí ibòmíràn, títí tí yóò fi dá a lójú pé gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Ìwé ẹ̀rí yìí kò ju pé ọmọ náà há ìwé báyìí sórí lọ. Kò sọ ọ́ di onímọ̀ òfin.

Gbígbọ́ àti kíkà

Ní ti hádíìsì, kò tó kí ènìyàn ní ìwé lọ́wọ́. Íbínù aṣ-Ṣaláà, tó ti kọ́ni ní Rawáhíyà rí, tó sì kọ́kọ́ ṣe olórí ilé hádíìsì Aṣiráfíyà ní Damásíkù kó tó kú ní ọdún 1245, to ọ̀nà mẹ́jọ tí a fi ń gba hádíìsì. Gbígbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ló fi ṣáájú, kíkà á sí etígbọ̀ọ́ olùkọ́ ló tẹ̀lé e, ìjásà ni ìkẹta, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá sì ni pé kí ènìyàn kàn rí ìwé he. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ lè sọ pé “ó bá wa sọ̀rọ̀,” ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ kí ẹni tó kà á fún olùkọ́ lo gbólóhùn mìíràn, “ó fún wa ní ìròyìn,” kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ìjókòó irú èyí, ẹnìkan ni yóò máa ka ìwé sókè, ṣéèkì tó ní ẹ̀tọ́ ìwé náà yóò máa tẹ́tí, yóò sì máa tún àṣìṣe ṣe, àwọn ìyókù yóò máa gbọ́, àwọn kan lára wọn yóò sì máa fi ìwé tiwọn wé èyí tí à ń kà. Ẹlòmíràn ni akọ̀wé, òun ló ń kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wá sí ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ ṣéèkì, orúkọ ẹni tó kà á, ibi tí wọ́n jókòó sí àti ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá pẹ́ dé tàbí tó sùn lọ, akọ̀wé ní láti kọ ibi tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń kọ pé ó “gbọ́,” èyí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ pé ó “wà níbẹ̀,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íbínù aṣ-Ṣaláà gbà pé òye ọmọ ló yẹ kí á wò, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan.

Wọ́n tún jiyàn lórí ẹni tó ń kọ ìwé mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí kíkà ń lọ. Íbínù aṣ-Ṣaláà sọ ìtàn ad-Dárákútínì, onímọ̀ hádíìsì kan, tó ń da ìwé kan kọ ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ẹnìkan wí fún un pé gbígbọ́ rẹ̀ kò tọ́. Ó bi onítọ̀hún pé hádíìsì mélòó ni ṣéèkì ti kà títí di ìsinsìnyí, onítọ̀hún kò mọ̀ ọ́n. Ó ní 18 ni, wọ́n kà á, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó wá ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti orúkọ àwọn tó gbà wọ́n wá, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Nítorí pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan kò lè fò kọjá etí rẹ̀, Íbínù aṣ-Ṣaláà dámọ̀ràn kí ṣéèkì fún gbogbo àwọn tó jókòó ní ìjásà lẹ́yìn kíkà, kí ó lè di àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ìjásà méjì tí kò jọra

Ìjásà àkọ́kọ́ jẹ́ àṣẹ láti máa ròyìn ìwé kan ní orúkọ ẹni tó fúnni. Èyí kò dán òye ẹnikẹ́ni wò, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí rí. Sáínábù ọmọ al-Kámálì, tí wọ́n bí ní ọdún 1248, tó sì lo ìgbésí ayé rẹ̀ ní Damásíkù, ṣì wà ní ọmọ ọwọ́ nígbà tí Ajíbà, obìnrin onímọ̀ hádíìsì ní Bágídádì, fún un ní ìjásà. Ajíbà kú láìpẹ́ sí i. Nígbà tí Sáínábù fi dàgbà tó sì darúgbó, àwọn tó ṣì lè ròyìn láti ọ̀dọ̀ ìran àwọn Ajíbà kò pọ̀ mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ títí tó fi kú ní ọdún 1339. Bí orúkọ tó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti Ànábì Muhammadu bá ṣe kéré tó ni wọ́n ṣe ń ka ìròyìn náà sí, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń wá ìjásà fún ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí tó wà láyé ní ìgbà tiwọn ní ìjásà. Íbínù aṣ-Ṣaláà kò fara mọ́ èyí: ó ní ìjásà fúnra rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, fífẹ̀ ẹ́ tó báyìí sì tún ń sọ ọ́ di aláìlágbára sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, nítorí pé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ kò lè fi hàn pé ẹnikẹ́ni kẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ni àṣẹ láti kọ́ni ní òfin àti láti dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn lórí rẹ̀. Èyí ń bèèrè ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ olùkọ́ kan tó mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ronú. Al-Kalíkaṣándì, akọ̀wé ìjọba Íjíbítì, gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Íbínù al-Muláíkínì ní ìlú Alẹkisáńdíríà, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tàbí bẹ́ẹ̀, ní ọdún 778 Híjírà. Ìwé náà gbà á láyè láti kọ́ni ní ìlànà aṣ-Ṣáfíì, láti fi ẹnu àti ọwọ́ dáhùn ìbéèrè, àti láti ròyìn àwọn ìwé tí olùkọ́ náà kọ. Orúkọ olùkọ́ ló gbé àṣẹ náà ró, kì í ṣe orúkọ madirásà kankan.

An-Náwáwì fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀wọ̀n tó fi gba òfin sílẹ̀: àwọn olùkọ́ rẹ̀, Íbínù aṣ-Ṣaláà tó kọ́ wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé ọ̀dọ̀ aṣ-Ṣáfíì. Ìwé òfin tó kọ, al-Mínháájù, di ohun tí àwọn ọmọ kéwú lábẹ́ ìlànà aṣ-Ṣáfíì ń há sórí ní tiwọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ìlànà Ìmáàmù Málíkì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àkójọ hádíìsì ogójì rẹ̀ ni àwọn ilé kéwú mọ̀ jù.

Ìjásà kò fún ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́. Ẹni tó dá madirásà sílẹ̀, àwọn àrólé rẹ̀, adájọ́ àgbà tàbí ọba ló ń yan olùkọ́ sípò, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìyàsọ́tọ̀ bá ṣe wí. An-Náwáwì di olórí Aṣiráfíyà ní ọdún 1267, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní ọdún 1277. Nítorí owó tó wà nídìí irú ipò bẹ́ẹ̀, àwọn ìdílé onímọ̀ ní Damásíkù a máa jà lé e lórí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ kékeré jogún àyè bàbá rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó ní ìjásà sì máa bá a kọ́ni títí tí yóò fi dàgbà.