“Má sọ fún wọn pé a máa tì”: àṣìrò tó ń pa ọjà lásìkò Iléyá

Tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ti mọ ohun tí ìyá ẹlẹ́ja tí mò ń bá kọ kápúṣọ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Ìbàdàn máa sọ. “Ọmọ mi, máà kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò ní ṣí o. Tí wọ́n bá ti gbọ́ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń lọ yẹn.” Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló jẹ́ pé àwòrán àgbò ni wọ́n á gbé síta, wọ́n á kọ “Ẹ kú ọdún o, ọdún á yabo” sí i nísàlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gba Yídì lọ. Wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n tì, wọn ò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Oníbàárà tó gbọ́ pé o ò ní ṣí, tó sì ní “Ó dáa, màá wá ibòmíì,” ojú rẹ ló ṣe é, o ò lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ ọ̀kadà láti Àkọ́bọ̀ dé Bódìjà, tó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, tó pòṣé tó sì yí padà, o ò rí i. Ilé ni o wà, ò ń sun ẹran. Èyí tí a rí là ń kà, a kì í ka èyí tí a ò rí, ìdí nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé ìkéde ló ń lé ènìyàn lọ.

Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń ra ẹja ná. Ẹni tó fẹ́ kílò mẹ́ta títúsì fún alejò tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kò ní torí pé o tì kó má se ọbẹ̀. Yóò rà á. Ohun tó kù ni bóyá ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò ti rà á kí o tó tì, tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn tí ó ti bá ilẹ̀kùn rẹ ní títì. Tó bá ti mọ ọjọ́ tí o máa tì, tó sì ní fírísà nílé, á tètè wá. Owó tí ì bá san lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á di owó Ọjọ́bọ̀. Ìkéde kì í pa irú owó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń sún un ṣíwájú.

Gbogbo ọjà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Omi tútù inú ọ̀rá tí èrò ọ̀nà ń rà, àkàrà òwúrọ̀, búrẹ́dì gbígbóná: kò sẹ́ni tó máa ra ìyẹn pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí irú ọjà yẹn bá tì lọ́jọ́ ọdún, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn, kò sí kápúṣọ̀n tó máa dá a padà. Ohun tí ìkéde lè ṣe fún un kò ju kí oníbàárà mọ ọjọ́ tó lè padà wá lọ. Ọjà tó ṣe é tọ́jú, bí ẹja, ìrẹsì, òróró tàbí aṣọ, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ohun tó máa ń ba ìkéde jẹ́ gan-an ni déètì. Ọjọ́ Iléyá kì í ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá nínú kàlẹ́ńdà Ìsìláàmù ni. Tí wọ́n bá ti rí oṣù náà, tí Súlútánì Sókótó sì ti kéde rẹ̀, o ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án láti fi múra. Lọ́dún 2025, ọjọ́ Ọjọ́rú 28 oṣù Èbìbí ni oṣù náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé sì ti mọ̀ láti ìgbà yẹn pé Ẹtì 6 oṣù Òkúdù ni Iléyá. Ìtúnu Àwẹ̀ ló ń dààmú ènìyàn. Alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Rámádáànì ni wọ́n tó ń wojú ọ̀run. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti kéde Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 oṣù Igbe fún ìsinmi. Wọn ò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú ni wọ́n wá kírun ọdún, ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún ìsinmi. Ọlọ́jà tó ti kọ “A ó ṣí lọ́jọ́ kejì ọdún” ti sọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, láìmọ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjọ́ ọjà kan àti èkejì lójú ẹni tó ń kà á bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nílé ìwé. “A ó ṣí lọ́jọ́ kẹta” lè jẹ́ ọ̀túnla lẹ́nu ìyá, kó sì jẹ́ ọjọ́ kan sí i lójú ọmọ. Torí náà, orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ ni kí o kọ, kí o má kọ òǹkà. Má kọ “lónìí” tàbí “lọ́la” pẹ̀lú. Ínsítágíráàmù àti Fésíbúùkù kì í fi nǹkan han ènìyàn bí ó ṣe tò. Ẹlòmíì á rí “A ti tì lónìí” rẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí o ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tí o ń lé eṣinṣin.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀sẹ̀ Iléyá 2025 yẹn ṣe é, torí ó le díẹ̀. Ìsinmi bọ́ sí Ẹtì 6 àti Ajé 9. Lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀ 12 tún jẹ́ ìsinmi Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Oníbàárà tó bá ń wò ó látọ̀nà jíjìn lè rò pé gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni o máa fi sinmi. Ká ní ṣọ́ọ̀bù ẹja kan máa ń ṣí láago 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́, láti Ajé dé Àbámẹ́ta. Àkọ́kọ́ kápúṣọ̀n tí wọ́n kọ lè rí báyìí:

“Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ọdún ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà. Inú wa dùn láti bá yín yọ̀. A fẹ́ fi àsìkò yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, kí a sì sọ fún yín pé a kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọdún. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú.”

Kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó tún tọrọ àforíjì, bí ẹni pé ó jẹ gbèsè. Ínsítágíráàmù kì í sì í fi ju ìbẹ̀rẹ̀ kápúṣọ̀n hàn kí ènìyàn tó tẹ “more”, nítorí náà ìkíni nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kà. Èyí tí mo máa kọ nìyí:

“Ẹja Iléyá: Ọjọ́bọ̀ 5 Júùnù, aago 6 ìrọ̀lẹ́ la ó gba owó ìkẹyìn.
Ẹtì 6 sí Àìkú 8: a tì.
Ajé 9: a ṣí láago 12 ọ̀sán sí 6 ìrọ̀lẹ́.
Ìṣẹ́gun 10 lọ: aago 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́. Ọjọ́bọ̀ 12, a ṣí.
Tí a bá ti tì, ẹ fi orúkọ ẹja, iye kílò àti àdúgbò yín ránṣẹ́ sí Wásáàpù. Aago 9 àárọ̀ Ajé la ó máa dáhùn, ẹni tó kọ́kọ́ kọ la ó kọ́kọ́ dá lóhùn.
Ọdún á yabo.”

Ohun tí oníbàárà lè ṣe ló ṣáájú, ohun tí kò lè ṣe ló tẹ̀lé e, ìkíni wá kẹ́yìn. Mo lo Júùnù nítorí ẹni tó mọ Òkúdù lórí kò pọ̀ mọ́. N kò sì kọ “9/6”, torí ọmọ tó ń sanwó ẹja fún ìyá rẹ̀ láti Amẹ́ríkà lè kà á sí oṣù kẹsàn-án. Gbogbo déètì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà lára àwòrán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwòrán ni àwọn ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn, kápúṣọ̀n kì í sábà bá a lọ.

Aago 6 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò ṣàdédé wá. Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹja fún wa náà ń lọ sílé ọdún, ibi tí a ti ń ra páálí ẹja náà máa tì. Nítorí náà, ọjọ́ Ajé 2 ni kápúṣọ̀n gbọ́dọ̀ ti jáde, kí o lè mọ iye páálí kòtè àti títúsì tí o máa rà ní Ìṣẹ́gun. Ka fírísà rẹ kí o tó gba owó ènìyàn. Tí ó bá gba páálí mẹ́jọ, má gba owó páálí mẹ́wàá, pàápàá níbi tí iná kò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀lé. Gbé e sí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù lójoojúmọ́, nítorí wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló máa ń lò níbẹ̀. Ti Ínsítágíráàmù, fi pínnì kàn án mọ́ òkè ojú ìwé rẹ.

Mi ò sì í fi ẹdínwó kún un. Ẹni tó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ ni ìwọ ń dín owó fún yẹn. Owó gidi wà lọ́jọ́ tí o bá ṣí padà: lẹ́yìn ẹran àgbò ọjọ́ mẹ́ta, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ẹnu á sú gbogbo ilé, wọ́n á máa béèrè pánlá àti ṣáwá. Ìdí nìyẹn tí aago 12 ọjọ́ Ajé fi ṣe pàtàkì ju ìgbà tí o tì lọ. Tí o bá kọ 12 tí o sì dé láago 2, o ti kọ́ wọn pé kápúṣọ̀n rẹ kò ṣe é gbà gbọ́, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á padà sí bíbá àgádágodo.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, má wo owó ọjọ́ tí o tì. Ro owó láti Ajé 2 títí dé Ọjọ́rú 11 pọ̀, kí o fi wé iye ọjọ́ kan náà tí kò sí ọdún nínú rẹ̀. Tí owó Ọjọ́rú 4 àti Ọjọ́bọ̀ 5 bá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, owó ti sún ṣíwájú nìyẹn. Tún ka iye ìgbà tí wọ́n bi ọ́ pé “Ṣé ẹ ṣí?” Tí ìbéèrè yẹn bá ń ya wọlé, kápúṣọ̀n rẹ kò tíì hàn sí wọn, tàbí déètì ti fara sin nínú ìkíni.

Wásáàpù ti ọlọ́jà, WhatsApp Business, lè dáhùn fún ọ nígbà tí o bá tì. Wọ “Away message”, kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbẹ̀, yan “Custom schedule”, kí o fún un ní ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí: Ọjọ́bọ̀ 5 láago 7 alẹ́ sí Ajé 9 láago 9 àárọ̀. Má yan “Always send”. Mo ti rí ẹni tó yàn án, tó gbàgbé. Ọjọ́rú ni oníbàárà kọ̀wé pé òun fẹ́ páálí kan, Wásáàpù sì dá a lóhùn pé a ti tì fún Iléyá, nígbà tí ìyá jókòó sídìí fírísà, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.