Bí Ọ̀rọ̀ 138 Ṣe Ń Di 46: Gígé Àyọkà sí Ìdámẹ́ta Nínú Ìdánwò

Ìbéèrè náà kì í gùn: kọ àyọkà yìí ní ṣókí, kó má ju ìdámẹ́ta rẹ̀ lọ, kí o sì fún un ní àkọlé. Ká ní ìdajì ni wọ́n ní ká gé e sí ni, èèyàn lè máa yọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, títí yóò fi tó. Ìdámẹ́ta kò gba irú ìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, méjì gbọ́dọ̀ lọ, ekukáká la sì máa rí gbólóhùn tí a lè yọ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ tí kò ní wó. Ìdí nìyẹn tí àwọn gbólóhùn kan fi ní láti pòórá pátápátá, kí a sì fi ohun tó kù kọ́ ilé tuntun.

Àyọkà kékeré kan rèé:

"Bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀, òjò ni gbogbo ènìyàn ń bú. Wọ́n á ní òjò náà pọ̀ jù, ó le jù, ó sì pẹ́ jù. Òótọ́ ni pé òjò ńlá ń fa omíyalé, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Níbi tí igi bá pọ̀ sí, ewé àti ẹ̀ka ni òjò kọ́kọ́ ń bà lé, ipá rẹ̀ á sì ti dínkù kí ó tó kan ilẹ̀. Gbòǹgbò igi á sì ṣí ọ̀nà fún omi láti rin wọlẹ̀, bí ìgbà tí kànrìnkàn ń fa omi mu. Tí a bá gé igi tán, ilẹ̀ á le koko, omi á ya lu odò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì wọ́ erùpẹ̀ dání. Erùpẹ̀ yìí ló ń dí ìsàlẹ̀ odò, tí odò fi ń kún kíákíá. Nítorí náà, ẹni tó ń gbẹ́ odò lọ́dọọdún láì gbin igi sí òkè odò, agbọ̀n ló fi ń pọn omi."

Kíkà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn kíkà bíi ká ka owó. Ọ̀rọ̀ tó bá dá dúró, a óò kà á sí ọ̀kan, ìbáà jẹ́ "ń" tàbí "ó" tàbí "á". Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 138, ìdámẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 46. Nínú ìdánwò tí àyọkà bá gùn, kò sẹ́ni tó máa ń ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà mẹ́ta, wọ́n á fi mẹ́ta pín in, wọ́n á sì fi iye ìlà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìlà kan bá ń gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 12, tí ìlà sì jẹ́ 24, àyọkà náà jẹ́ 288, ohun tí a óò kọ kò sì ní ju 96 lọ. Etí ìwé ni kí a kọ nọ́ńbà yìí sí kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn náà la óò wá bi ara wa pé: kí ni òǹkọ̀wé yìí fẹ́ kí n gbà gbọ́? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn kan péré, kó sì jẹ́ pé àyọkà ni a ti yọ ọ́, kì í ṣe orí wa. Ẹni tó bá yára ka ti òkè yìí lè dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ omíyalé ló ń sọ." Orúkọ ohun tó ń sọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tó sọ nípa rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé gígé igi wà lára ohun tó ń fa omíyalé, nítorí náà gbígbẹ́ odò nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Bí ìdáhùn yìí bá ti dúró, a lè wá bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe fún un.

Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Ohun tí ará ìlú ń sọ ni wọ́n kó kalẹ̀ kí òǹkọ̀wé lè rí nǹkan ta kò, ìkẹta sì ti ta kò ó tán. Ọ̀rọ̀ 24 nìyẹn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó máa dé inú ìwé wa. Ìkẹta ni òpó ilé, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án jù. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ń sọ ohun tí igi ń ṣe. Ìkẹfà àti ìkeje ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí igi kò bá sí. Ìkẹjọ ni ìdájọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò ju pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ láti orí gbólóhùn kìíní, tí wọ́n ń gé bí wọ́n ṣe ń lọ. Bó ṣe máa ń rí rèé: "Àwọn ènìyàn ń bú òjò bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Níbi tí igi pọ̀ sí, ewé àti ẹ̀ka ń dín ipá òjò kù. Gbòǹgbò ń fa omi bíi kànrìnkàn." Ọ̀rọ̀ 34 ti lọ. Ó ku 12, a kò sì tíì dárúkọ gígé igi rárá, áḿbọ̀ǹtórí erùpẹ̀ àti odò. Olùyẹ̀wò tó bá rí irú èyí kò nílò kó kà á dópin kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìdajì àkọ́kọ́ sanra, ìdajì ìkẹyìn gbẹ bí igi.

Àṣìṣe mìíràn tún fara pamọ́ sínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Àyọkà kò sọ pé gbòǹgbò ń fa omi bíi kànrìnkàn. Ó ní gbòǹgbò ń ṣí ọ̀nà, omi sì ń rin wọlẹ̀. Ilẹ̀ ló dà bíi kànrìnkàn. Àfiwé máa ń ṣe báyìí síni. Ó dùn mọ́ni lẹ́nu, a sì máa ń fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n tí a bá ti gé ohun tó yí i ká, orí ẹlòmíràn ló ń bà lé. Ohun tí àfiwé, òwe àti àkànlò èdè ń wí la ń mú, a kì í mú àwọn fúnra wọn. "Agbọ̀n ló fi ń pọn omi" ń wí pé wàhálà náà kò ní èrè. Ọ̀rọ̀ kan wà fún un: àṣedànù.

Ní ti ohun tó yẹ ní gígé, èdè Yorùbá ní àwọn ibi tó máa ń sanra sí. Àpọ̀sọ ni ọ̀kan: "pọ̀ jù, ó le jù, ó sì pẹ́ jù" dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan náà ni. Ọ̀rọ̀ bíi "koko" àti "kíákíá" ń fi adùn sí i, a lè yọ wọ́n láìsí ìpalára níbí. Èrè tó pọ̀ jù wà nínú sísọ awẹ́ gbólóhùn di ọ̀rọ̀-orúkọ. "Tí a bá gé igi tán" jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà. "Láìsí igi" jẹ́ méjì. "Ẹni tó ń gbẹ́ odò" jẹ́ márùn-ún. "Gbígbẹ́ odò" jẹ́ méjì. Ọgbọ́n yìí nìkan ti fi ọ̀rọ̀ méje sí àpò wa, kò sì sí ìtumọ̀ tó sọnù. Àwọn kan a máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ kí iye lè dínkù, wọ́n á kọ "nítorínáà" bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ojú olùyẹ̀wò ti mọ́ ọn.

A wá pa àyọkà dé, a fi ohun tó wà lórí kọ tiwa:

"Òjò nìkan kọ́ ló ń fa omíyalé, gígé igi ń dá kún un. Igi ń dín ipá òjò kù, ó sì ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Láìsí igi, ilẹ̀ á le, àgbàrá á fi erùpẹ̀ dí odò. Nítorí náà, àṣedànù ni gbígbẹ́ odò láì gbin igi."

Ó jẹ́ 46. Ẹ wo bí a ṣe pín in: gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, láti 24 di òdo, ìkẹta, láti 14 di 13, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, láti 45 di 13, ìkẹfà àti ìkeje, láti 35 di 11, ìkẹjọ, láti 20 di 9. Kò sí èyí tó di ìdámẹ́ta géérégé níbẹ̀. Òpó ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ má dínkù rárá, àlàyé rẹ̀ ló san gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ méjì kan wà tó máa ń wu èèyàn láti yọ nígbà tí iye bá fi díẹ̀ lé. Ìkíní ni "nìkan." Ẹ yọ ọ́ wò: "Òjò kọ́ ló ń fa omíyalé." Irọ́ ni, àyọkà sì ti gbà pé òjò ńlá ń fà á. Ọ̀rọ̀ bíi "nìkan", "nígbà mìíràn" àti "ó ṣeé ṣe" ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ṣe lágbára tó, a kò sì láṣẹ láti fi kún agbára náà tàbí dín in kù. Èkejì ni "nítorí náà." Láìsí i, gbólóhùn ìkẹyìn kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù bí àlejò, òǹkàwé kò ní mọ̀ pé orí wọn ló dúró lé. Bí a bá nílò ọ̀rọ̀ méjì, ká tún gbólóhùn kan hun. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ tiwa, ó jẹ́ 48. A sọ "gbòǹgbò rẹ̀" di "ó", a sì yọ "sì" kúrò láàárín "á" àti "fi". Ó parí.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ó dúró ni pé kí a kà á bí ẹni tí kò rí àyọkà rí. Bí ìbéèrè "kí ló fa ìyẹn?" bá jáde níbikíbi, ìso kan ti já. Kí a tún wò ó bóyá èrò tiwa ti yọ́ wọlé. Ó lè wù wá láti kọ pé kí ìjọba fi òfin de gígé igi. Òǹkọ̀wé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àkọlé la ń kọ gbẹ̀yìn. "Omíyalé" fẹ̀ jù, ó lè bá ọgọ́rùn-ún àyọkà mìíràn mu. "Bí Gígé Igi Ṣe Ń Dá Kún Omíyalé" ló bá eléyìí mu. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo la óò fi kọ gbogbo rẹ̀, a óò fa ìlà kan kọjá lórí èyí tí a kọ́kọ́ kọ kí olùyẹ̀wò má bàa kà á mọ́ ọn, a óò sì kọ 46 sí ìsàlẹ̀. Kó jẹ́ iye tó péye o, nítorí ẹni tó bá kọ 46 sábẹ́ ọ̀rọ̀ 60 ti fọwọ́ ara rẹ̀ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn.