Ẹja Mélòó Lẹ Ti Tà Rí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, obìnrin kan mú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ wá bá mi. Ẹni ọdún 41 ni, ó ti lo ọdún 14 ní báńkì kan n'Íbàdàn, ₦280,000 ló ń gbà lóṣù. Iṣẹ́ ẹja àrọ̀ ló fẹ́ lọ gbájú mọ́. Ó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, ó ti ya àwòrán oko sínú ìwé, ó sì ti rí ilẹ̀ tó fẹ́ háyà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá gírámà rẹ̀ dúró." Gírámà rẹ̀ dúró dáadáa. Mo wá bi í pé ẹja mélòó ló ti tà rí. Kò tíì ta ẹyọ kan.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó ti àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà láàárín ọdún 38 sí 45. Ohun tí wọ́n máa ń pè ní ìdánwò ni pé kí wọ́n bi ará oko léèrè, kí wọ́n wo fídíò, kí wọ́n gba sáàtífíkéètì. Ìwádìí nìyẹn o. Ìdánwò ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà yípo ẹ̀ẹ̀kan, láti orí ohun tí ẹ máa rà títí dé orí owó tó wọlé, kó kéré, kí owó oṣù yín sì ṣì máa wọlé. Ní ti ẹja àrọ̀, bí oṣù márùn-ún ni ìyípo kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni mìíràn kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣòwò kankan láì gbàṣẹ. Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ìwà nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lójoojúmọ́ láyè láti máa darí òwò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ìyẹn wà lára ìdí tí àwọn ọ̀gá ìjọba kan fi máa ń ní oko.

Obìnrin wa gba ìwé àṣẹ. Ó fi tapólìn ṣe adágún ẹja sẹ́yìn ilé, ó sì kó ọmọ ẹja 300 sí i. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jí fún wọn lóúnjẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń fún wọn nírọ̀lẹ́ tó bá dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè mí pé ẹja òun ń dín kù, kò sì rí òkú kankan. Àwọn tó yára dàgbà ló ń gbé àwọn kéékèèké mì! Wọ́n ti sọ fún un níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé kó máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ṣe tóbi sí, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tó yẹ kó ṣà wọ́n, ìpàdé kan kò jẹ́ kó tètè kúrò ní báńkì. Lọ́jọ́ mìíràn, omi ti bàjẹ́, ẹja nàró lórí omi, wọ́n ń mí gùlegùle, wọn kò sì jẹun. Òru ló fi tan jẹnẹrétọ̀ láti pààrọ̀ omi. Ó ní lọ́jọ́ náà lòun mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ yìí lóòótọ́, nítorí inú ń bí òun, síbẹ̀ kò ṣe òun bíi kí òun sá.

Mo ní kó máa kọ gbogbo owó sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan epo jẹnẹrétọ̀. Lópin oṣù karùn-ún, oúnjẹ ẹja ti gba ₦450,000, ìyẹn báàgì oníkílò 15 méjìdínlógún. Ọmọ ẹja jẹ́ ₦45,000, epo ₦35,000, oògùn àti iyọ̀ ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦538,000, a kò tíì ka tapólìn mọ́ ọn. Ẹja tó kù wọn kílò 230. Ìsọ̀ ẹlẹ́pẹ́pẹ́súùpù mẹ́rin ra kílò 80 ní ₦3,000 kílò kan, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Nígbà tí ẹja ṣì ń jẹun tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbẹ, ó ta 150 yòókù fún alágbàtà ní ₦2,400. Owó tó wọlé jẹ́ ₦600,000. Èrè: ₦62,000.

Ẹ pín in sí oṣù márùn-ún, ₦12,400 lóṣù. Kí èyí tó lè dà bí owó báńkì, ó ní láti máa sin ẹja tó sún mọ́ 7,000 lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́ títí. Tapólìn ẹ̀yìn ilé kò gba ìyẹn láéláé, owó oúnjẹ ibẹ̀ nìkan sì lè gbé ẹ̀yáwó dé.

Àmọ́ ibi tí ìdánwò ti wúlò nìyí. Ká ní ìsọ̀ ló ra gbogbo kílò 230 náà ní ₦3,000, èrè ì bá jẹ́ ₦152,000, ẹja tó nílò yóò sì wálẹ̀ sí bí 2,800. Ọ̀rọ̀ kúrò lórí bó ṣe ń sin ẹja, ó di ọ̀rọ̀ àwọn tó máa rà á. Ẹja tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan bí kílò 100 lọ́sẹ̀. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ra bíi kílò mẹ́jọ. Ìsọ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá ló ń wá, mẹ́rin péré ló ní.

Nítorí náà ní ìyípo kejì, kò fi ẹja kún un. Ẹja 300 kan náà ni, oúnjẹ kan náà. Títà nìkan ló yí padà. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní mọ èyí tó mú owó wá. Ó tọ́jú ìsinmi ọdún rẹ̀ pa mọ́ de ọ̀sẹ̀ títà, ó fi ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní Akóbọ̀ àti Bódìjà. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìsinmi wọn bẹ̀rẹ̀ nǹkan ni, nígbà tó jẹ́ pé títà gan-an ló nira jù.

Nígbà tí a ń ṣe èyí, a tú fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbèsè tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù. Ọjọ́ tó bá kúrò ni wọ́n máa béèrè gbogbo rẹ̀. Káàdì ìlera tí òun àti àwọn ọmọ ń lò náà á kú. Ó sì ti fi owó pẹ́ńṣàn rẹ̀ sínú ìṣirò, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó fún òun. Òfin Pẹ́ńṣàn ti 2014 kò sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò tíì pé 50 tó kúrò níṣẹ́ ní láti dúró oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn kó tó lè béèrè, kò sì ní ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Oṣù mẹ́rin yẹn, àwọn ọmọ á jẹun níbẹ̀, wọ́n á sì san owó ilé ìwé.

Àdéhùn wa ni pé lẹ́tà kò ní jáde títí ìsọ̀ fi pé méjìlá, tí gbèsè alájẹṣẹ́kù bá tán, tí owó oúnjẹ ilé oṣù mẹ́fà sì wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìsọ̀ ti di mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gbàwìn, ó sì ti fi ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ìyẹn.