Kóòdù tílì kì í ṣe ohun àjọlò: ọ̀rọ̀ sí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kóòdù ẹlòmíràn ṣí tílì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú méjì péré. Mo mọ̀ pé òfin tí wọn ò sọ ìdí rẹ̀ máa ń ni èèyàn lára, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fi ń ran ara yín lọ́wọ́ ló kà léèwọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí tán.

Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu yín ni pé torí olè ni wọ́n ṣe ṣe kóòdù, àwa tí a wà níbí kì í sì í ṣe olè. Ẹ̀ ń sọ pé a mọ ara wa, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu, bí owó bá ṣáà ti pé nígbà tí a bá kà á lálẹ́, kò sí wàhálà. Mo gbà pé ẹ kì í ṣe olè. Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ rò pé èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni kóòdù ń dáàbò bò. Ẹ̀yin gan-an ló ń dáàbò bò jù. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù nínú àṣìrò náà ni pé bí owó bá pé, kò sí ohun tó sọnù. Owó lè pé géérégé kí olè sì ti jà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí tílì ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan lórí rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ẹ ṣe, aago tí ẹ ṣe é, tílì wo ni, àti orúkọ ẹni tó ni kóòdù tó wà lójú ẹ̀rọ lákòókò náà. Kì í ṣe ọjà títà nìkan ló ń kọ. Bí ẹ bá tẹ VOID láti pa ọjà rẹ́, bí ẹ bá tẹ REFUND láti dá owó padà fún oníbàárà, bí ẹ bá dín owó ọjà kù, tàbí tí ẹ bá tẹ NO SALE láti ṣí dúróà nígbà tí ẹ ò ta nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n tílì kò mọ ojú èèyàn. Orúkọ ẹni tó ni kóòdù ló máa kọ, ẹni yòówù kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé kaṣíà wa kan ń jẹ́ Àjọkẹ́. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ka owó ṣéńjì 20,000 náírà sínú dúróà tílì kejì, ó fi kóòdù rẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ jẹun. Èrò pọ̀ níwájú káńtà, kò sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa jìyà, ó bá fi tílì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èèyàn mẹ́ta ló fọwọ́ kàn án kó tó dé. Ní 1:24, oníbàárà kan ra wàrà alágolo méjì, ó san 12,400 náírà lówó sílẹ̀, kò dúró gba rìsíìtì, ó ti lọ. Ní 1:27, ẹnì kan lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ REFUND, ó fa ọjà yẹn yọ, dúróà ṣí, ó mú 12,400 náírà. Àjọkẹ́ padà dé ní 1:45, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di alẹ́, ó tó àkókò láti ka owó. Gbogbo ọjà tí wọ́n fi owó sílẹ̀ rà lórí tílì náà lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 164,300 náírà. Ṣùgbọ́n tílì ti yọ 12,400 kúrò, torí ó gbà pé wọ́n ti dá a padà fún oníbàárà, nítorí náà 151,900 ló kù lójú tirẹ̀. Ó fi owó ṣéńjì 20,000 kún un, ó ní kí Àjọkẹ́ ka 171,900 náírà. Àjọkẹ́ kà á, ó jẹ́ 171,900 gẹ́lẹ́. Kò lé kọ́bọ̀, kò dín kọ́bọ̀. Gbogbo èèyàn dúpẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ sílé.

Ìgbà tí a bá ka ọjà ní ìparí oṣù ni àṣírí tó máa tú. Tílì máa ní wàrà méjì yẹn ti padà sórí pẹpẹ, pẹpẹ á sì ní òun ò rí i. Èmi á ṣí àkọsílẹ̀, ohun tí mo máa bá níbẹ̀ ni REFUND, 12,400, 1:27, tílì kejì, Àjọkẹ́. Kí ni Àjọkẹ́ fẹ́ sọ? Á ní òun wà lẹ́yìn, òun ń jẹun. Ta ló máa rántí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ọjọ́ yẹn ló jẹun ní aago kan àti pé kì í ṣe aago méjì? Ẹni tó mú owó kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá. Ẹni tí kò sí nítòsí ni àkọsílẹ̀ dárúkọ. Tí mo bá lé Àjọkẹ́ lọ, mo ti dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Tí mo bá fi í sílẹ̀, ẹni tó ṣe é á tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ kóòdù ìwọ tí ò ń kà á yìí ló máa lò lọ́jọ́ kejì.

Ká ní Àjọkẹ́ ti tílì náà kó tó lọ jẹun ni, ẹni tó bá fẹ́ tajà níbẹ̀ á fi kóòdù ara rẹ̀ wọlé, orúkọ rẹ̀ ni REFUND yẹn á sì gbé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé kámẹ́rà wà. Lóòótọ́, ó wà, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí ẹni tó dúró nídìí tílì, kì í rí ohun tó tẹ̀. Ẹni tó ń ṣí dúróà láti fún oníbàárà ní ṣéńjì àti ẹni tó ń ṣí i láti jalè, bákan náà ni wọ́n rí láti òkè àjà. Bí àyè inú ẹ̀rọ kámẹ́rà bá sì ti kún, àwòrán tuntun á máa pa ti àtijọ́ rẹ́, nígbà tí a bá fi máa ka ọjà ní ìparí oṣù, ti ọjọ́ yẹn lè ti lọ. Ká má tíì sọ ti ìgbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olè nìkan. Àṣìṣe lásán ló ń fa púpọ̀ nínú ṣọ́tééjì: ẹnì kan fún oníbàárà ní ṣéńjì 4,000 dípò 400, tàbí ó tẹ̀ ẹ́ pé tránsífà ni wọ́n fi san nígbà tí àláàtì ò tíì wọlé. Bí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú dúróà, a lè jókòó, ká wo àkọsílẹ̀ àti rìsíìtì, ká rí ibi tí àṣìṣe ti wáyé. Mo ti rí i tí irú owó bẹ́ẹ̀ padà wọlé lọ́jọ́ kejì nígbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ rí i pé ṣéńjì òun pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mẹ́ta bá wà nínú dúróà kan, kò sí ọ̀nà tí a fi lè tú u. Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á pín in sórí gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́ lára owó oṣù. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti kàn máa yọ owó òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó fa àdánù, tàbí tó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ iye tó bójú mu. Báwo ni a ó ṣe fi hàn pé ẹnì kan pàtó ló fà á nígbà tí orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀?

Ẹ̀yin alábòójútó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Kóòdù yín ló ń jẹ́ kí tílì gba VOID ńlá àti REFUND. Bí kaṣíà bá pè yín, ẹ dìde, ẹ wá wo ọjà àti rìsíìtì pẹ̀lú ojú yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tẹ kóòdù náà. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń pariwo nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sọdá káńtà ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gbogbo ẹni tó gbọ́ lọ́wọ́, oníbàárà wà lára wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá fura pé ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n.

Bí a ó ṣe máa ṣe é kò le. Ẹnì kan, kóòdù kan, dúróà kan. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò nídìí tílì, ì báà ṣe ilé ìtọ̀, ẹ ti ojú ẹ̀rọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti dúróà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ. Ẹni tó bá máa gba ipò yín nígbà oúnjẹ á gbé dúróà tirẹ̀ wá, á sì fi kóòdù tirẹ̀ wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, oníbàárà lè dúró de ìyẹn. Ní ìyípadà iṣẹ́ ọ̀sán, kí ẹni tó ń lọ ka owó rẹ̀ lójú alábòójútó, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé, kí ẹni tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tílì títí a ó fi ṣe kóòdù tirẹ̀, a ò sì ní gbé kóòdù ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni a ó pa tirẹ̀ rẹ́.

Nọ́ńbà mẹ́rin lè ṣe kóòdù 10,000 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọdún ìbí yín ṣe é, ẹni tó mọ̀ yín kò ní dán an wò pẹ́ kó tó rí i. Ẹ má lo 1234, ẹ má lo 0000. Ẹ fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́.

Èmi náà kò ní béèrè kóòdù yín láé. Bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù tó ní èmi ni, tàbí pé èmi ni mo rán òun, tó ní kí ẹ sọ kóòdù yín, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ pè mí sórí nọ́ńbà mi tí ẹ ti mọ̀. Mi ò ní bínú rárá.

Ẹni tí kóòdù rẹ̀ bá ti dé etí ẹlòmíràn, kó rí alábòójútó kó tó di ọjọ́ Àìkú, a ó ṣe tuntun fún un, a ò sì ní bi í léèrè ẹni tó fún. Ẹni tó bá sì gbàgbé tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kó pe alábòójútó, kó má yá ti ẹlòmíràn lò. Láti ọjọ́ Ajé, ẹni tí a bá bá nídìí kóòdù tí kì í ṣe tirẹ̀ á gba ìwé ìkìlọ̀, ẹni tó fi kóòdù náà fún un á gba tirẹ̀ pẹ̀lú.