Ohùn Ìwé: Bí Ímeèlì Ìwáṣẹ́ Ṣe Ń Bá Báńkì Mu

Ohùn ìwé ni bí ọ̀rọ̀ tí a kọ ṣe ń dún létí ẹni tó ń kà á. Nínú ímeèlì ìwáṣẹ́, ìyẹn lẹ́tà kúkúrú tó ń ṣíwájú ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ wa, ohùn yìí ni ẹni tó ń kà á máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ní báńkì, ohùn tútù tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ń retí.

Inú iṣẹ́ báńkì fúnra rẹ̀ ni èyí ti wá. Owó olówó ni wọ́n ń tọ́jú. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ, ìbáà ṣe èsì sí oníbàárà tàbí àlàyé lórí ẹni tó fẹ́ yáwó, inú fáìlì ló ń lọ. Ọ́dítọ̀ lè fà á yọ lọ́jọ́ iwájú, àwọn tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bá rán wá yẹ ìwé wò náà lè béèrè rẹ̀. Torí náà, ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ń fi ímeèlì rẹ wo irú ìwé tí wàá máa kọ lórúkọ báńkì tí wọ́n bá gbà ọ́.

Ká mú ọmọbìnrin kan tó kàwé ìṣirò owó, tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní báńkì kékeré kan n'Ìbàdàn, tó wá ń wáṣẹ́ télà ní báńkì ńlá l'Ékòó. Ohun tó kọ́kọ́ kọ rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ o! Iṣẹ́ báńkì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ mi! Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, ẹ kò ní kábàámọ̀!” Ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i nídìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyìn ara ẹni ni gbogbo rẹ̀, ìyìn ara ẹni sì ni báńkì kì í gbà láìrí ẹ̀rí.

Nígbà tí wọ́n ní kó tún un kọ, ó sáré lọ sí òdìkejì: “Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ ṣíjú àánú wò mí.” Àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù láàárín wa, torí inú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ la ti wá. Ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tí yóò máa kọ̀ fún oníbàárà tí ìwé rẹ̀ kò pé kò gbọdọ̀ dún bí alágbe.

Èyí tó bá báńkì mu nìyí: “Mo kọ ìwé yìí láti béèrè fún iṣẹ́ télà tí ẹ kéde. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní báńkì kan n'Ìbàdàn, èmi ni mò ń fi owó inú àpótí wé àkọsílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìyàtọ̀ bá wà, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá mi kí a tó tilẹ̀kùn.” Kò sọ pé olóòótọ́ ni òun, àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ télà yóò rí òótọ́ náà fúnra rẹ̀. Níbi tó bá ti ń ṣe ọ́ bíi kí o yin ara rẹ, kọ ohun tí o ṣe síbẹ̀, kí o sì yọ àmì ìyanu kúrò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Bí ọmọbìnrin yìí bá dárúkọ oníbàárà kan tí òun ṣiṣẹ́ fún ní báńkì Ìbàdàn, tàbí iye tí wọ́n yá oníbàárà náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dún ńlá, ó ti tú àṣírí oníbàárà. Bó ti wù kí ìyókù ímeèlì náà tutù tó, ọ̀gá báńkì tó bá kà á yóò béèrè lọ́kàn ara rẹ̀ ohun tí yóò tú sílẹ̀ nípa tiwọn lọ́la.

Ìkíni àti ìdágbére rọrùn. `Dear Sir/Madam` ń bá `Yours faithfully` rìn; bí o bá mọ orúkọ ẹni náà, tí o sì kọ ọ́, `Yours sincerely` ni. `Hi` kò wọlé. Kọ orúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà ìtọ́kasí, bó bá wà nínú ìkéde, sí àkòrí ímeèlì.

Gbogbo ẹ̀ka báńkì kọ́ ló le bákan náà. Ẹ̀ka tó ń polówó ọjà lórí fóònù lè fàyè gba ohùn tó fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣọ́ òfin tàbí ewu owó yíyá kì í gbà á. Inú ìkéde iṣẹ́ ni wàá ti mọ̀ ọ́n: bí àwọn fúnra wọn bá ń kọ gbólóhùn kúkúrú láìsí àwàdà, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe fèsì. Ohùn kò sì lè dípò ohun tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ìkéde bá sọ irú máàkì tàbí ọjọ́ orí tí wọ́n ń fẹ́, tí tìrẹ kò sì dé ibẹ̀, ímeèlì tó dára jù lọ kò ní gbé ọ kọjá ìyẹn.