Ímeèlì tí onídáná kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ sí ilé iṣẹ́ ìkòkò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lórí YouTube kò ju 2,300 lọ, báwo ló ṣe gba ìkòkò àti owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́? Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí?

Òótọ́ ni. Mo ka ímeèlì náà fúnra mi. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ gbà kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé iṣẹ́ náà. Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé, oúnjẹ Ìjẹ̀bú àti ti Rẹ́mọ ló sì ń sè lórí YouTube. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé iye ọmọlẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ ń rà. Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò ni ilé iṣẹ́ ìkòkò ń wá, arábìnrin yìí sì ní ẹ̀rí pé irú wọn wà lọ́dọ̀ òun.

Ṣé kò yẹ kí ènìyàn ní 1,000 ọmọlẹ́yìn ó kéré tán kó tó lè gba onígbọ̀wọ́ rárá?

Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ pín nínú owó ìpolówó YouTube ni òfin 1,000 ọmọlẹ́yìn àti wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12 wà fún.

Kí ló kọ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ó ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ 12 ṣáájú. Ohun kan náà ló kọ sí gbogbo wọn: pé òun fẹ́ràn ọjà wọn, pé òun ní ọmọlẹ́yìn báyìí báyìí, pé ṣé wọ́n lè ran òun lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ fídíò ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ó sì kọ eléyìí sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àkòrí rẹ̀ ni: "Ènìyàn 41 béèrè ìkòkò tí ìkọ́kọrẹ́ kò ní jó nínú rẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń se oúnjẹ Ìjẹ̀bú lórí YouTube. Wọ́n ti wo fídíò ìkọ́kọrẹ́ mi nígbà 6,400. Líǹkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 41 ló béèrè lábẹ́ rẹ̀ irú ìkòkò tí ewùrà kò ní jó mọ́ nídìí. Ìkòkò yín onílítà 6 tí ìdí rẹ̀ nípọn ni mo fẹ́ dán wò. Màá se ìkọ́kọrẹ́ kan náà nínú ìkòkò àtijọ́ mi àti nínú tiyín, lórí iná gáàsì kan náà, màá sì fi ìdí ìkòkò méjèèjì han àwọn tó ń wò ó. Ìkòkò kan àti ₦90,000 ni mo fẹ́ gbà. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo lè fi fídíò náà síta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Yàtọ̀ sí àwòrán kan tó fi sí ìsàlẹ̀, kò so fáìlì kankan mọ́ ọn.

Kí ló dé tí ìkọ́kọrẹ́ fi jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀?

Ẹni tó bá ti se é rí mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá ti rin ewùrà tán, tí a sì ti ń ṣù ú sínú omi ata àti epo, a kì í rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó dé e, a ó dín iná kù, a ó jẹ́ kí ó dì ná, kí ó má bàa fọ́ di ògì. Àsìkò tí a kò ròó yìí ni ìdí rẹ̀ máa ń jó. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń gbóná lójú kan, níbi tí iná ti ń kàn án. Èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn máa ń pín ooru náà káàkiri. Nítorí náà, oúnjẹ yìí fúnra rẹ̀ ni ìdánwò ìkòkò. Ilé iṣẹ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni yìn wọ́n. Ìdí ìkòkò méjì ni yóò sọ̀rọ̀. Ká ní ìrẹsì funfun ló fẹ́ sè ni, kò ní sí ohun tí ojú yóò rí.

Àwòrán tó fi sí ìsàlẹ̀ ímeèlì náà tún ràn án lọ́wọ́: ojú ewé YouTube Studio tó fi hàn pé Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó wà. Èyí ṣe pàtàkì fún wa gan-an, torí ọmọ Ìjẹ̀bú pọ̀ nílùú òyìnbó. Bí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wò yín, ilé iṣẹ́ tí kì í ta ọjà kọjá Èkó àti Ìbàdàn kò ní rí èrè níbẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó kọ̀wé.

Níbo ló ti rí ₦90,000?

Ó ṣírò rẹ̀. Ewùrà, ẹja, epo àti ata fún ìkòkò méjì jẹ́ ₦15,000. Gáàsì àti dátà jẹ́ ₦10,000. Ọjọ́ kan ni yóò fi ya fídíò, ọjọ́ méjì ni yóò fi gé e tò, ó sì ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ₦15,000. Ìyẹn di ₦70,000. Ó fi ₦20,000 lé e nítorí yóò lo ìkòkò náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ya ohunkóhun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà. Ilé iṣẹ́ náà fèsì pé àwọn fẹ́ gé fídíò náà lò nínú ìpolówó tiwọn, àti pé kí ó má ṣe fi ìkòkò ẹlòmíràn hàn mọ́. Ọjà méjì mìíràn nìyẹn. Ó gbà kí wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́ta, ó sì gba owó ọ̀tọ̀ lé e. Ti ìkòkò ẹlòmíràn, oṣù kan péré ló gbà fún wọn. Bí kò bá kọ iye oṣù sílẹ̀ ni, wọn ì bá máa lo ojú rẹ̀ títí.

Bí wọn kò bá fèsì ńkọ́?

Ẹ kọ ìránnilétí kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ń sọ pé wọ́n fún mi lówó?

Dandan ni. Ìkòkò ọ̀fẹ́ pàápàá, ẹ sọ ọ́. Lórí YouTube, ẹ óò fa àmì sí àpótí ìpolówó tí a sanwó fún, àkọlé "Includes paid promotion" yóò sì hàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2022 tó dá ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, sílẹ̀ kan ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, àjọ náà sì ń béèrè pé kí àwọn yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé àdéhùn, ta ni yóò gba ìwé àṣẹ náà.

Ilé iṣẹ́ kan fèsì, ó ní kí ń ṣí fáìlì àdéhùn. Ṣé kí ń ṣí i?

Ẹ dúró ná. Ní ọdún 2021, Google kéde pé àwọn ọ̀daràn ń fi irọ́ ìgbọ̀wọ́ báyìí gba ìkànnì àwọn ènìyàn. Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ máa ń jí kúkì, ìyẹn ohun tí aṣàwákiri yín fi ń rántí pé ẹ ti wọlé. Ẹni tó bá ní kúkì yín kò nílò páásíwọọ̀dù, ìdánilójú onípele méjì kò sì ní dá a dúró, torí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Ìwé àdéhùn gidi kì í parí sí `.exe` tàbí `.scr`. Bí wọ́n bá dì í sínú `.zip`, tí wọ́n wá fún yín ní páásíwọọ̀dù tí ẹ óò fi ṣí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ohun tó ń ṣọ́ ímeèlì má baà rí inú rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà lórí páálí ọjà wọn, kí ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà náà kíákíá, ẹ lo fóònù mìíràn láti yí páásíwọọ̀dù Google yín padà, kí ẹ sì jáde kúrò nínú àkáǹtì náà lórí gbogbo ẹ̀rọ.